Fíù, Fíúwà àti Wọ́ọ̀ṣì Áwà: Ẹ̀ẹ̀kejì Ni Wọ́n Ti Ń Yà

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Mo ní àǹtí kan n'Íbàdàn tó jẹ́ pé gèlè wíwé niṣẹ́ ẹ̀, ó ń wé fún ìyàwó, ó ń wé fún ìyá ìyàwó, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ìgbà tó yá ló wá ṣí ṣánẹ́ẹ̀lì sórí Yútúùbù. Ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn ń lọ dáadáa, àmọ́ bó bá ti pè mí báyìí, ohun tó máa sọ lónìí yàtọ̀ sí tàná. Lónìí á ní "èèyàn 54,000 ló wò mí lóṣù yìí o." Lọ́la á ní "wákàtí 4,000 ni wọ́n ní ká ní, èmi ti ní 54,000, kí ló dé tí wọn ò tíì jẹ́ kí n máa gbowó ìpolówó?" Nọ́ńbà kan náà ni ṣá, ohun tó ń pè é ló ń yí padà.

Mo ṣàlàyé, ó ní ó yé òun, ó di ọjọ́ kẹta ó tún dà wọ́n pọ̀. Ohun tó sì jẹ́ kó máa dùn mí ni pé àǹtí mi kì í ṣe ẹni tí ìṣirò ń ṣòro fún. Ó máa wo orí èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ti sọ fún ẹ bóyá gèlè tó o mú wá máa tó àbí kò ní tó. Iye píìnì tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ lò lóṣù tó kọjá, ó mọ̀ ọ́n. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò bá rí nǹkan mẹ́ta yìí yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a jẹ́ pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀ ló ń kù díẹ̀ káàtó. Ẹ ti gbọ́ ọ náà: fíù ni iye ìgbà tí wọ́n wo fídíò, yúníìkì fíúwà ni iye èèyàn tó wò ó, wọ́ọ̀ṣì áwà ni àpapọ̀ wákàtí tí wọ́n fi wò ó. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa gbọ́ ọ, á há a sórí, á sì tún gbàgbé ẹ̀ kó tó délé.

## Ìgbà kìíní ò yà wọ́n

Ẹ jẹ́ ká mú fídíò kan ṣoṣo àti ẹnì kan ṣoṣo. Obìnrin kan l'Ábẹ́òkúta fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, ó jí láàárọ̀, ó ṣí fídíò tí àǹtí mi ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń wé gèlè aṣọ òkè, fídíò ìṣẹ́jú 11 ni, ó wò ó fún ìṣẹ́jú 4, ó pa á. Kí ló ṣẹlẹ̀? Fíù fi 1 kún. Yúníìkì fíúwà fi 1 kún. Àsìkò tí wọ́n fi wò ó fi ìṣẹ́jú 4 kún. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sún lẹ́ẹ̀kan náà, ohun kan náà ló sì sún wọn, tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni àlàyé ẹ parí sí, kò sí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣe fẹ́ rí ìdí tí wọ́n fi ní láti jẹ́ mẹ́ta. Lójú tiẹ̀, ẹnì kan wo òun, nọ́ńbà lọ sókè, ó parí.

Wàyí o, obìnrin yẹn wẹ̀, ó wọṣọ, ó dúró síwájú díńgí, ó dé ibi pílíìtì, gèlè ò gbọ́ tiẹ̀. Ó bá tún ṣí fídíò yẹn padà, ó fò lọ síbi tí àǹtí mi ti ń to pílíìtì, ó wo ìṣẹ́jú 2 níbẹ̀. Fíù ti di 2. Àsìkò ti di ìṣẹ́jú 6. Yúníìkì fíúwà ò mira rárá, 1 ló ṣì wà, torí obìnrin àárọ̀ yẹn náà ni. Ó wá pe àbúrò ẹ̀ tó wà ní yàrá kejì, àbúrò ẹ̀ ṣí i lórí fóònù tiẹ̀, ó wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìṣẹ́jú 11 gbáko. Fíù di 3, èèyàn di 2, àsìkò di ìṣẹ́jú 17.

Ẹ ẹ̀ rí i pé látorí ìgbà kejì ni oníkálukú wọn ti gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ. Ìgbà kìíní ò yà wọ́n, ìgbà kejì ló ń yà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èèyàn ní nǹkan yìí, kó má bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀kan, kó bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó padà wá. Gèlè ló sì dáa jù láti fi kọ́ ọ, torí kò sẹ́ni tó ń wo fídíò gèlè lẹ́ẹ̀kan tó máa mọ̀ ọ́n wé, èèyàn á wò, á dúró, á tú u, á tún padà.

## Ìwé oníbàárà

Ọjọ́ tó yé e gan-an, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ la wà. Ó ní ìwé kan tó máa ń wà lórí tábìlì níbẹ̀, ìwé ńlá aláwọ̀ búlúù, ti àwọn tí kì í ṣe ọmọ iṣẹ́, àwọn obìnrin tó kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wé tara wọn. Wákàtí wákàtí ni wọ́n ń sanwó, torí náà bí ẹnikẹ́ni bá ti wọlé, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀, ọjọ́, àsìkò tó dé àti àsìkò tó lọ. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 54,000 ẹ̀ nígbà tí ojú mi lọ síbi ìwé yẹn. Ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun, mo bá fà á sún mọ́ra.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ gbà mí láyè. Ìlà mélòó ló wà lójú ewé yìí?"

Ó kà á, ó ní 14.

"Ẹni mélòó ló wá?"

Ó tún gbé ìka sórí ewé, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò ka ìlà, orúkọ ló ń kà, bó bá ti kan orúkọ tó ti kà tẹ́lẹ̀ á fò ó. Ó ní, "Mẹ́sàn-án ni. Ìyá Ìbejì yìí wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyàwó pásítọ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àwọn tó kù wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

"Wákàtí mélòó ni gbogbo wọn fi jókòó síbí?"

Èyí gba àsìkò díẹ̀, ó lo fóònù, ó ní wákàtí 21.

"Ìlà 14, orúkọ 9, wákàtí 21. Èwo lẹ fi ń gbowó nínú ẹ̀?"

"Wákàtí kẹ̀! Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ kí n gbowó orúkọ ni?"

Mi ò tíì dáhùn tó fi na ọwọ́ mú fóònù ẹ̀ fúnra ẹ̀, ó ṣí Yútúùbù Sítúdíò, ibi tí ẹni tó ní ṣánẹ́ẹ̀lì ti ń rí àwọn nọ́ńbà ẹ̀, ó nawọ́ ẹ̀ sí mi, ó ní, "54,000 yìí ńkọ́, ìlà ni àbí orúkọ?" Mo ní ìlà ni, Àǹtí. Ó ní, "Orúkọ wá dà?" Mo fi hàn án. "Wákàtí ńkọ́?" Mo fi hàn án. Látìgbà yẹn, bó ṣe máa ń bi mí nìyẹn, ìlà ni àbí orúkọ ni àbí wákàtí, kò sì tíì ṣì wọ́n mú mọ́. Ohun tó mú kí ìwé yẹn ṣiṣẹ́ ni pé ìyàwó pásítọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ká ní àwọn tó wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nìkan ló wà lójú ewé yẹn ni, ìlà 9, orúkọ 9, kò bá má yé e.

## Nọ́ńbà tó wà lójú fóònù

Tó o bá ṣí Yútúùbù Sítúdíò, tó o tẹ `Analytics`, nọ́ńbà tó kọ́kọ́ kojú ẹ máa ń jẹ́ ti ọjọ́ 28 tó kọjá. `Views` wà níbẹ̀, `Watch time (hours)` náà wà níbẹ̀, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. `Unique viewers` ò sí níwájú bẹ́ẹ̀, inú lọ́hùn-ún lo máa lọ wá a sí, mo sì rò pé ìyẹn náà wà lára ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú, torí fíù ló ń kọ́kọ́ kojú wọn, wọ́n á sì rò pé èèyàn ni.

Ti fídíò aṣọ òkè yẹn nìkan nìyí láàárín ọjọ́ 28: fíù 6,000, yúníìkì fíúwà 3,750, wọ́ọ̀ṣì áwà 400. Ẹ jẹ́ ká pín in. Wákàtí 400 jẹ́ ìṣẹ́jú 24,000, tó o bá pín in sí fíù 6,000, ìṣẹ́jú 4 ni ìgbà kọ̀ọ̀kan ń gbà, òun ni wọ́n ń pè ní `Average view duration`. Tó o bá pín fíù 6,000 sí èèyàn 3,750, ó jẹ́ 1.6, ìyẹn ni pé bí ẹni mẹ́wàá bá wá, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún láàárín ara wọn. Tó o bá sì pín ìṣẹ́jú 24,000 sí èèyàn 3,750, ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ìṣẹ́jú 6 lé díẹ̀ bá àǹtí mi jókòó, kì í ṣe 4. Mẹ́rin yẹn ti ìjókòó kan ni, mẹ́fà yẹn ti ẹnì kan ni. Ẹni tó bá ti mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí, ó ti jáde nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn.

Ohun kan tún wà nípa yúníìkì fíúwà tí ìwé oníbàárà ò lè fi hàn. Fíù àti wákàtí ṣeé rò pọ̀, èèyàn ò ṣeé rò pọ̀. Nínú ọjọ́ 28 yẹn, ọ̀sẹ̀ kìíní fi èèyàn 1,100 hàn, ìkejì 1,200, ìkẹta 1,150, ìkẹrin 1,000. Àǹtí mi rò wọ́n pọ̀, ó rí 4,450, ó wá wo ti oṣù, ó rí 3,750, ó ní 700 ti sọnù. Kò sọnù. Ẹni tó wò ó lọ́sẹ̀ kìíní tó tún padà lọ́sẹ̀ kẹta, ọ̀sẹ̀ méjèèjì ló ti kà á, àmọ́ oṣù á kà á lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láàárín fídíò sí fídíò, ẹni tó wo fídíò méjì lórí ṣánẹ́ẹ̀lì ẹ, fídíò kọ̀ọ̀kan ló máa kà á sí tiẹ̀, ṣánẹ́ẹ̀lì á kà á sí ẹnì kan. Tó o bá fẹ́ mọ iye èèyàn fún àsìkò kan, àsìkò yẹn gan-an ni kó o yàn lórí Sítúdíò, má ṣe jókòó máa rò wọ́n pọ̀ fúnra ẹ.

Kó o sì mọ̀ pé Yútúùbù ń fojú bu nọ́ńbà èèyàn yìí ni. Kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan lè wò ó lórí fóònù kó tún wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta lè máa lo fóònù kan, wọ́n ń gbìyànjú láti wo gbogbo ìyẹn kí wọ́n tó gbé nọ́ńbà jáde, àmọ́ àfojúbù ni. Tí ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta bá jọ tẹjú mọ́ fóònù kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, fíù kan ló máa kà. Fíù fúnra ẹ̀ náà, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, torí ẹ̀ ló ṣe máa ń dúró sójú kan nígbà míì tàbí kó dínkù díẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ lórí Yútúùbù á rántí ayé ìgbà tí fíù máa ń há sórí 301+ títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò tán, 2015 ni wọ́n tó yọ ìyẹn kúrò.

## Wákàtí 200 tí ò wọlé

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun àwọn èèyàn jù nìyí. Àǹtí mi ní Ṣọ́ọ̀tì kan, ìyẹn fídíò kúkúrú orí Yútúùbù, ìyàwó kan tó wé gèlè tán, tó ń yí orí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí iná mú pílíìtì ẹ̀, ó lẹ́wà gan-an. Láàárín ọjọ́ 28 yẹn kan náà, Ṣọ́ọ̀tì yẹn mú fíù 48,000 wá, èèyàn 39,000. Tó o bá fi kún 6,000 ti fídíò gígùn, ibi tí 54,000 ti wá nìyẹn. Lédè mìíràn, nínú ìlà mẹ́wàá tí àǹtí mi ń kà, bí mẹ́sàn-án jẹ́ ti Ṣọ́ọ̀tì.

Wákàtí Ṣọ́ọ̀tì yẹn ńkọ́? Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n wò ó ń gba bíi ìṣẹ́jú-àáyá 15, lọ́nà 48,000, ó jẹ́ wákàtí 200. Torí náà `Analytics` kọ wákàtí 600 fún gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì, ó sì tọ̀nà. Àmọ́ tó o bá lọ sí `Earn`, níbi tí wọ́n ti ń ka wákàtí tó máa jẹ́ kó o máa gbowó ìpolówó, 400 péré ló wọlé nínú ẹ̀. Wákàtí tí èèyàn fi wo Ṣọ́ọ̀tì níbi tí wọ́n ti ń yí i láti ọ̀kan sí òmíràn kì í wọnú 4,000. Ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀: tó bá jẹ́ Ṣọ́ọ̀tì lo fẹ́ gbà wọlé, fíù mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90 ni wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú ẹni 1,000 tó tẹ sọ́bìsíkíráìbù, ẹni 1,000 kan náà tí ti fídíò gígùn náà ń béèrè.

Kó o tún ṣọ́ra pẹ̀lú fíù Ṣọ́ọ̀tì gan-an. Láti 31 oṣù Kẹta 2025, bí Ṣọ́ọ̀tì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré báyìí, tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, fíù ni, ẹni yẹn ò nílò láti dúró rárá. Nọ́ńbà tó wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń wo ẹni tó dúró díẹ̀, ti ń jẹ́ `Engaged views` báyìí, òun náà sì ni wọ́n ṣì fi ń ka mílíọ̀nù 10 yẹn. Torí náà tí ẹnì kan bá sọ fún ẹ pé fíù òun fò sókè, kọ́kọ́ béèrè bóyá ti Ṣọ́ọ̀tì ni.

## Wákàtí tó ń dínkù

Ọjọ́ kan ni àǹtí mi pè mí, ohùn ẹ̀ ò dùn rárá. Oṣù tó kọjá ó wà lórí wákàtí 3,780, ó ti ń múra àti ṣe ìdùnnú, ó ṣí i lóṣù yìí, ó bá 3,700. Bẹ́ẹ̀ èèyàn ń wò ó o, wákàtí 400 tuntun ló wọlé.

Ohun tó fà á ni pé wákàtí 4,000 yẹn, láti 2018 tí wọ́n ti gbé òfin ẹ̀ jáde, ti oṣù 12 tó kẹ́yìn ni, kì í ṣe ti àtìbẹ̀rẹ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì ẹ. Ojoojúmọ́ ni ọjọ́ kan ń wọlé níwájú, ojoojúmọ́ náà ni ọjọ́ kan ń já bọ́ lẹ́yìn. Oṣù tó já bọ́ lẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí ni oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, oṣù òde, oṣù tí gbogbo obìnrin Yorùbá ń wá bí wọ́n á ṣe wé gèlè, wákàtí 480 ló ní nígbà yẹn. 400 wọlé, 480 jáde, ó fi 80 dínkù. Fíù àpapọ̀ àti sọ́bìsíkíráìbù ń lọ sókè ní tiwọn, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́nú tí ò yéni.

Nǹkan míì tó máa ń gé wákàtí ni fídíò tó o bá pa rẹ́, tàbí tó o sọ di `Private` tàbí `Unlisted`. Èyí tí gbogbo ayé lè rí nìkan ni wọ́n ń kà. Èyí tó wá láti inú ìpolówó tó o sanwó fún náà, wọn kì í kà á. Àǹtí mi ti fẹ́ lọ fi àwọn fídíò ẹ̀ àtijọ́ pamọ́ torí iná ibẹ̀ ò mọ́lẹ̀ tó, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀, wákàtí ń bẹ nínú wọn.

Bákan náà, àwọn kan wà lórí Wasáàpù tó ń ta wákàtí 4,000 bí ẹni ń ta káàdì. Ẹ má sún mọ́ wọn. Wákàtí tó tọ́ nìkan ló ń wọlé, tó o bá sì pé 4,000, àyẹ̀wò ṣì wà tí wọ́n ń ṣe fún ṣánẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó gbà á, òfin wọn lórí fíù ayédèrú sì lè pa gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn rẹ́.

## Tí oníṣòwò bá béèrè

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára kọjá ti àǹtí mi nìkan ni pé owó ẹlòmíì ti ń wọ̀ ọ́. Ẹnì kan tó ń ta aṣọ òkè l'Ọ́jà Ọjẹ́ fẹ́ kó gbé aṣọ òun jáde nínú fídíò, ó ní, "Èèyàn mélòó ló máa rí ọjà mi?" Ẹnu àǹtí mi ti fẹ́ sọ 54,000. Kì í ṣe irọ́ ló fẹ́ pa o, àmọ́ ẹni yẹn máa ka ìlà sí èèyàn, á sanwó èèyàn 54,000.

Èèyàn ló béèrè, torí náà yúníìkì fíúwà ni èsì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì ní 41,500 láàárín ọjọ́ 28, ó dín sí àròpọ̀ fídíò méjèèjì torí àwọn kan wo méjèèjì. Àmọ́ inú fídíò gígùn ni aṣọ yẹn máa wà, ìyẹn 3,750. Ìṣẹ́jú karùn-ún ni àǹtí mi sì fẹ́ gbé e jáde, ṣé wọ́n ń débẹ̀? Àwòrán kan wà nínú Sítúdíò fún fídíò kọ̀ọ̀kan tó ń fi hàn ìṣẹ́jú tí àwọn èèyàn ń kúrò. Ti fídíò yìí, bó bá fi máa di ìṣẹ́jú 1 àti àáyá 20, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù, tó bá di ìṣẹ́jú karùn-ún, ìdá 30. Ìdá 30 nínú fíù 6,000 jẹ́ 1,800. Òun ni nọ́ńbà tó yẹ kí oníṣòwò yẹn gbọ́, pé bí ẹ̀ẹ̀ 1,800 lóṣù ni ojú á kan aṣọ rẹ̀ tó bá wà níbẹ̀.

Ọkàn àǹtí mi kọ́kọ́ bà jẹ́ pé nọ́ńbà yẹn kéré. Mo ní kó tún wo àwòrán yẹn dáadáa. Ìlà ẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀, ń sọ̀kalẹ̀, àfi bó ṣe dé nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹfà tó ta padà sókè, ó lọ sí 45. Ibi pílíìtì ni. Ibẹ̀ ni obìnrin Abẹ́òkúta yẹn àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fò padà sí. A ní kí wọ́n gbé aṣọ òkè yẹn síbẹ̀, kó jẹ́ òun gan-an ni wọ́n ń to pílíìtì ẹ̀, oníṣòwò gbà, owó tí wọ́n jọ fẹnu kò sí náà dáa ju bí àǹtí mi ṣe rò lọ.

## Ìṣẹ́jú kan

Ó ku wákàtí 300. Èrò tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni kó ṣe Ṣọ́ọ̀tì sí i kí èèyàn pọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èèyàn kọ́ ló wọ́n ọn, wákàtí ló wọ́n ọn, ibi tí wákàtí sì ti ń jò ni ìṣẹ́jú 1 àti àáyá 20 tí ìdá 45 ti ń lọ. Mo ní kó tún fídíò yẹn ṣí níwájú mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibẹ̀, ìkíni ni. Ẹ káàárọ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀n, mo kí àwọn tó wà l'Ámẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tẹ sọ́bìsíkíráìbù. Ẹni tó ní òde àárọ̀ ò lè dúró gbọ́ gbogbo ìyẹn.

A jókòó ṣírò ẹ̀. Oṣù tó máa já bọ́ lẹ́yìn báyìí ni oṣù Kíní tó tẹ̀ lé oṣù Kejìlá yẹn, kò sí òde, wákàtí 150 péré ló ní. Tí fídíò tuntun bá mú fíù 6,000 yẹn náà wá pẹ̀lú ìṣẹ́jú 4, wákàtí 400 ni, 3,700 fi 400 kún, yọ 150, ó jẹ́ 3,950, kò tíì wọlé. Tí ìṣẹ́jú 4 yẹn bá di 5, fíù 6,000 yẹn náà, èèyàn 3,750 yẹn náà, wákàtí á di 500, 3,700 fi 500 kún, yọ 150, ó jẹ́ 4,050.

Ó tún un ṣírò lẹ́ẹ̀kejì lórí fóònù ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó ní, "Ìlà ò yí padà, orúkọ ò yí padà, wákàtí nìkan ló yí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Ó pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ pé kó wá jókòó, ó gbé gèlè lé e lórí, ó ní kí n tan kámẹ́rà, ọ̀rọ̀ tó sì fi bẹ̀rẹ̀ fídíò yẹn ni, "Ẹ mú etí ọ̀tún, ẹ fi gùn ju tòsì lọ díẹ̀."